Wíwọn Ilẹ̀ Tí Bíkìnì Rẹ̀ Kan Wà Lódìkejì Àbàtà: Òfin Sáìnì àti Òfin Kósáìnì Lẹ́nu Iṣẹ́

Ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ ní Epe, pàápàá lápá ibi tí ilẹ̀ ti ń dà sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà, kò ní pẹ́ kó tó bá irú ilẹ̀ yìí pàdé: bíkìnì mẹ́ta, ìyẹn òpó kékeré tí wọ́n fi ń sàmì sí igun ilẹ̀, wà lórí iyanrìn gbígbẹ tí a lè fẹsẹ̀ rìn dé, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin wà lódìkejì àbàtà, a ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán, a kò sì lè fa téèpù dé ibẹ̀. Òfin Pitagọ́rásì kò lè gbà wá níhìn-ín, nítorí pé inú onígun mẹ́ta tó ní igun 90° nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ tó bá sì tẹ̀ lé etí omi kì í sábà ní igun 90° kankan. Òfin méjì tó ń ṣiṣẹ́ fún onígun mẹ́ta èyíkéyìí ni òfin kósáìnì àti òfin sáìnì. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń lò wọ́n tẹ̀ léra lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti orí ohun tí a wọ̀n nínú oko títí dé orí ìwọ̀n ilẹ̀ náà lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àṣà kan tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra ilẹ̀ máa ń fa téèpù yí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká, wọn a wá gbà pé àwọn ti mọ bí ilẹ̀ náà ṣe tó. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin nìkan kò lè sọ bí ilẹ̀ ṣe tó. Bí férémù ilẹ̀kùn tí ìṣó rẹ̀ ti tú ṣe lè dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí pé igi rẹ̀ kankan gùn sí i tàbí kúrú, bẹ́ẹ̀ náà ni ilẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yí padà ṣe lè tóbi tàbí kó kéré, gẹ́gẹ́ bí igun rẹ̀ bá ṣe rí. Ó di dandan kí a mọ igun kan ó kéré tán, tàbí ìlà kan tó dábùú ilẹ̀ náà láti bíkìnì kan dé èkejì tó kọjú sí i. Ìlà dídábùú yẹn ló ń pín ilẹ̀ onígun mẹ́rin sí onígun mẹ́ta méjì, inú onígun mẹ́ta sì ni àwọn òfin wa ń gbé.

Òfin méjèèjì bí wọ́n ṣe rí

Nínú onígun mẹ́ta ABC, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní igun tó kọjú sí i: ẹ̀gbẹ́ BC kọjú sí igun A, ẹ̀gbẹ́ AC kọjú sí igun B, ẹ̀gbẹ́ AB sì kọjú sí igun C. Kí ẹ tó tẹ nọ́mbà kankan sínú kakulétọ̀, ẹ ya àwòrán, kí ẹ sì fi ojú rí èyí tó kọjú sí èkejì, nítorí pé ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé jù lọ nìyẹn.

Òfin kósáìnì ni a ń lò nígbà tí a bá mọ ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun tó wà láàárín wọn, tàbí nígbà tí a bá mọ ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a sì ń wá igun:

```
AC² = AB² + BC² − 2 × AB × BC × cos B
cos B = (AB² + BC² − AC²) ÷ (2 × AB × BC)
```

Òfin sáìnì ni a ń lò nígbà tí a bá mọ ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú igun tó kọjú sí i, tí a sì tún mọ igun mìíràn tàbí ẹ̀gbẹ́ mìíràn:

```
BC ÷ sin A = AC ÷ sin B = AB ÷ sin C
```

Ilẹ̀ tí a ó ṣiṣẹ́ lé lórí

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ilẹ̀ kan wà tí ojú rẹ̀ wà lápá àríwá, níbi tí ọ̀nà gbà kọjá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì kọjú sí ọ̀sà lápá gúúsù. Bíkìnì A àti B wà létí ọ̀nà, A lọ́wọ́ ìwọ̀ oòrùn, B lọ́wọ́ ìlà oòrùn. Bíkìnì C wà lẹ́yìn B, lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bíkìnì D wà lẹ́yìn A, lódìkejì àbàtà. Ilé kan tí wọ́n ti kọ́ dé ibi lẹ́ńtù wà láàárín ilẹ̀ náà, kò sì jẹ́ kí ẹni tó dúró sórí A rí C. Nítorí náà, ìlà AC, tó yẹ kó pín ilẹ̀ náà sí méjì, kò ṣe é fi téèpù wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè fi ẹ̀rọ wò ó tààrà.

Àwọn ohun tí a lè wọ̀n kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tó. Téèpù fún wa ní AB, 36.60 mítà, àti BC, 48.20 mítà. Pẹ̀lú tiodoláìtì, ẹ̀rọ tí a fi ń wọn igun, a dúró lórí B, a wo A, a sì wo C. Igun tó wà láàárín wọn jẹ́ 104°30'. A dúró lórí A, a wo B àti ọ̀pá tó wà lórí D. Igun náà jẹ́ 97°15'. A dúró lórí C, a wo B àti D. Igun náà jẹ́ 83°50'. Kò sí ẹni tó dúró sórí D pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ẹnì kan tó mọ ojú àbàtà náà ló wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ gbé ọ̀pá ró sórí bíkìnì ọ̀hún, tó sì dúró kó má ṣe jẹ́ kó tẹ̀.

Igun kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí a kà á, nígbà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ ní ojú òsì, nígbà kejì lẹ́yìn tí a bá ti yí i sí ojú ọ̀tún, kí a sì mú ààrin méjèèjì, torí pé ọ̀nà yìí ló ń pa àbùkù tó bá wà nínú ara ẹ̀rọ rẹ́. Téèpù náà gbọ́dọ̀ wà ní títẹ́jú gbọnrangandan nígbà tí a bá ń fà á, kì í ṣe kó máa tẹ̀ lé ìdàgẹ̀rẹ̀ ilẹ̀. Lórí ìlà bíi BC, bí orí kan bá fi mítà 2 rẹlẹ̀ ju orí kejì lọ, téèpù tó tẹ̀ lé ilẹ̀ yóò fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 gùn ju bó ti yẹ lọ.

Bó bá jẹ́ sọ́fè tó wà nílẹ̀ ni ẹ fẹ́ fi ṣe ìṣirò, ẹ kò ní rí igun lórí rẹ̀. Bíárìn ni ẹ ó rí lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn igun tí ìlà náà fi yà kúrò ní àríwá. Igun tó wà lórí bíkìnì kan ni ìyàtọ̀ bíárìn àwọn ìlà méjì tó ti ibẹ̀ jáde. Ká ní sọ́fè sọ pé bíárìn láti A lọ sí B jẹ́ 82°10', ẹ fi 180° kún un kí ó lè di bíárìn láti B padà sí A, èyí tó jẹ́ 262°10'. Bí bíárìn láti B lọ sí C bá jẹ́ 157°40', ìyàtọ̀ méjèèjì jẹ́ 104°30', èyí sì bá ohun tí ẹ̀rọ kà lórí B mu.

Ìgbésẹ̀ kìíní: AC láti inú òfin kósáìnì

Nínú onígun mẹ́ta ABC, a mọ ẹ̀gbẹ́ méjì àti igun B tó wà láàárín wọn. 36.60 tí a fi ara rẹ̀ ṣe ìlọ́po jẹ́ 1339.56, 48.20 náà sì jẹ́ 2323.24, àpapọ̀ wọn jẹ́ 3662.80. Ìlọ́po méjì 36.60 ní ọ̀nà 48.20 jẹ́ 3528.24. Kósáìnì 104°30' jẹ́ −0.25038.

```
AC² = 3662.80 − (3528.24 × −0.25038)
    = 3662.80 + 883.40
    = 4546.20
AC  = 67.426 m
```

Ẹ dúró díẹ̀ níbi àmì ìyọkúrò yẹn. Igun tó bá ju 90° lọ, kósáìnì rẹ̀ wà lábẹ́ òdo, ìyọkúrò méjì tó pàdé ara wọn sì di àròpọ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, tó yọ 883.40 kúrò dípò kó fi kún un, yóò rí 52.72 mítà. Ọ̀nà tí a fi ń mọ̀ pé èsì yẹn kò tọ̀nà rọrùn: bí igun B bá jẹ́ 90° gẹ́lẹ́, AC ìbá jẹ́ rúùtù 3662.80, ìyẹn 60.52 mítà. Níwọ̀n bí igun wa ti ṣí ju 90° lọ, AC gbọ́dọ̀ gùn ju 60.52 lọ. Bó bá jẹ́ pé igun náà kéré sí 90° ni, AC ìbá kúrú sí i. Mo máa ń fẹ́ kí a kọ nọ́mbà àárín yìí sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kí a tó parí ìṣirò, nítorí pé kì í gba àsìkò, ó sì ń tú àṣìṣe ńlá fó lójú ẹsẹ̀.

Àṣìṣe méjì mìíràn wà tí nọ́mbà àárín yẹn lè má tú fó. Èkíní ni ìṣẹ́jú igun. Dígírì kan ní ìṣẹ́jú 60, nítorí náà 104°30' jẹ́ 104.5, kì í ṣe 104.30. Ẹni tó bá tẹ 104.30 yóò rí 67.34 mítà dípò 67.43, ìyàtọ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 9. Èkejì ni bí kakulétọ̀ ṣe wà. Bí `RAD` bá hàn lójú rẹ̀ dípò `DEG`, ìṣirò kan náà yóò gbé mítà 77 ó lé díẹ̀ jáde, nọ́mbà tó gùn ju 60.52 lọ, tó sì jọ òtítọ́ lójú ẹni tí kò wo ilẹ̀ náà rí. Ẹ tẹ sáìnì 30 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá gbé 0.5 gẹ́lẹ́ jáde, ẹ tún un ṣe.

Ìgbésẹ̀ kejì: pípín àwọn igun

Ìlà AC gé igun tó wà lórí A sí méjì, ó sì gé ti orí C náà sí méjì. A ní láti mọ apá tó wà nínú onígun mẹ́ta ABC kí a tó lè mọ èyí tó kù fún ACD. Òfin sáìnì ló ń ṣe èyí:

```
sin BAC = 48.20 × sin 104°30' ÷ 67.426 = 0.69209
BAC = 43°48'
ACB = 180° − 104°30' − 43°48' = 31°42'
```

A lè fọkàn balẹ̀ lo òfin sáìnì fún igun níhìn-ín, nítorí pé B ti ju 90° lọ, kò sì sí onígun mẹ́ta tó lè ní irú igun bẹ́ẹ̀ méjì. Ìsàlẹ̀ ni n ó ti ṣàlàyé ibi tí ọkàn kò ti lè balẹ̀.

Igun tí a kà lórí A láti B dé D jẹ́ 97°15'. A yọ 43°48' kúrò nínú rẹ̀, ó ku 53°27' fún igun CAD. Lórí C, a yọ 31°42' kúrò nínú 83°50', ó ku 52°08' fún igun ACD. Igun tó kù lórí D jẹ́ 180° tí a bá yọ àwọn méjèèjì kúrò, ìyẹn 74°25'.

Ìgbésẹ̀ kẹta: AD àti CD láti inú òfin sáìnì

Nísinsìnyí a mọ AC, a sì mọ igun D tó kọjú sí i.

```
AC ÷ sin D = 67.426 ÷ sin 74°25' = 70.00
AD = 70.00 × sin 52°08' = 55.26 m
CD = 70.00 × sin 53°27' = 56.23 m
```

A ti mọ gígùn ẹ̀gbẹ́ méjì tí ẹsẹ̀ wa kò lè tẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé igun ACD ni AD ń lò, torí pé òun ló kọjú sí i, kì í ṣe igun tó wà lórí A.

Bí igun D ṣe rí ló ń sọ bí a ṣe lè gbára lé èsì yìí tó. Nígbà tí igun náà bá wà nítòsí 90°, ìlà méjì tó ti A àti C wá máa ń gé ara wọn kedere. Nígbà tó bá há, àwọn ìlà náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ara wọn rìn, àṣìṣe kékeré nínú oko á sì gbé D lọ jìnnà. Lórí igun tiwa, tó jẹ́ 74°, àṣìṣe ìṣẹ́jú 1 nínú igun D kì í yí ìlà 100 mítà padà ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Ká ní igun D jẹ́ 10° ni, ìṣẹ́jú 1 kan náà yóò yí ìlà yẹn padà tó sẹ̀ǹtímítà 16. Bí igun tó wà lórí bíkìnì tí kò ṣe é dé bá kéré sí 30° tàbí tó ju 150° lọ, ẹ wá ibi ìdúró mìíràn tó jìnnà sí ti àkọ́kọ́, kí ẹ tún igun náà kà láti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ̀rí láti orí B

Àpapọ̀ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ wa jẹ́ 360° gẹ́lẹ́: 104°30', 97°15', 83°50' àti 74°25'. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí tàn yín jẹ. A kò ka igun D nínú oko, ìyọkúrò la fi rí i, nítorí náà àpapọ̀ náà kò lè ṣe kó má pé 360°, kódà bí a bá ti ṣi igun kà lórí A tàbí lórí C. Ohun tó lè jẹ́ ẹ̀rí ni ìwọ̀n tuntun kan tí a kò tíì lò nínú ìṣirò. B wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, ilé tó bo C mọ́ A lójú kò sì bo D mọ́ B, nítorí náà a lè dúró lórí B kí a ka igun láti A dé D.

Kí a tó kà á, a ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò ohun tó yẹ kó jẹ́. Nínú onígun mẹ́ta ABD, a mọ AB, AD àti igun 97°15' tó wà láàárín wọn. Òfin kósáìnì fún wa ní BD, 70.03 mítà. Òfin sáìnì sì fún wa ní igun ABD:

```
sin ABD = 55.26 × sin 97°15' ÷ 70.03 = 0.7828
ABD = 51°31'
```

Bí ẹ̀rọ bá ka 51°30' tàbí 51°32', iṣẹ́ náà ti jókòó. Ìṣẹ́jú 1 lórí ìlà 70 mítà jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ọ̀pá tí afẹ́fẹ́ ń mì lójú àbàtà lè fa ìyẹn. Bó bá wá jẹ́ 51°50' ni ẹ̀rọ kà, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ láàárín kan: bóyá ọ̀pá kò sí lórí bíkìnì D mọ́ nígbà tí ẹ dé C, bóyá wọ́n ti ṣi téèpù kà lórí BC. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ padà lọ síbikíbi, ẹ tún ṣe ìṣirò BD láti apá kejì, nínú onígun mẹ́ta BCD, pẹ̀lú BC, CD àti igun 83°50'. Nínú iṣẹ́ tiwa, apá yẹn fún wa ní 70.02, èyí tó fi mílímítà díẹ̀ yàtọ̀ sí 70.03 nítorí pé a ti gé àwọn igun sí ìṣẹ́jú tó súnmọ́ jù. Bí BD méjèèjì bá bára mu báyìí ṣùgbọ́n tí igun ABD tí ẹ kà yàtọ̀, inú oko ni àṣìṣe wà, kì í ṣe inú ìwé.

Ìwọ̀n ilẹ̀ náà

Ìdajì ẹ̀gbẹ́ méjì tí a sọ di ìlọ́po, ní ọ̀nà sáìnì igun tó wà láàárín wọn, ni ìwọ̀n onígun mẹ́ta.

```
ABC = ½ × 36.60 × 48.20 × sin 104°30' = 853.97 m²
ACD = ½ × 55.26 × 56.23 × sin 74°25' = 1496.5 m²
```

Àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bíi 2350 mítà onílọ̀ọ́po méjì. Púlọ́ọ̀tì 60 lọ́nà 120 ẹsẹ̀ bàtà tí a mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ bíi 669, nítorí náà ilẹ̀ yìí jẹ́ púlọ́ọ̀tì mẹ́ta àti ààbọ̀. Ẹni tó ń ra ilẹ̀ lè fi ìṣirò yìí yẹ ohun tí wọ́n sọ fún un wò, ṣùgbọ́n sọ́fíyọ̀ tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ SURCON nìkan ló láṣẹ láti ri bíkìnì mọ́lẹ̀, kó sì fọwọ́ sí sọ́fè. Bákan náà, nínú 2350 yìí, apá tí àbàtà gbà wà nínú rẹ̀, sọ́fè kì í sì í yọ ọ́ kúrò fúnni.

Níbi tí òfin sáìnì ti ń fúnni ní ilẹ̀ méjì

Mo ní ibì kan wà tí ọkàn kò ti lè balẹ̀. Ìwé àtijọ́ kan lè sọ pé láti bíkìnì P dé Q jẹ́ 40 mítà, pé igun tó wà lórí P jẹ́ 35°, àti pé láti Q dé R, bíkìnì tó ti sọnù, jẹ́ 28 mítà. Igun tí wọ́n fún wa kò sí láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òfin sáìnì sọ pé sáìnì igun R jẹ́ 40 × sin 35° ÷ 28, ìyẹn 0.8194. Kakulétọ̀ yóò gbé 55°01' jáde, yóò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n 124°59' náà ní sáìnì kan náà, igun yẹn pẹ̀lú 35° kò sì tíì pé 180°, nítorí náà òun náà lè jẹ́ òtítọ́. Kakulétọ̀ kì í fúnni ní igun tó ju 90° lọ láti inú sáìnì láé; ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ rántí wá a.

Bí R bá jẹ́ 55°01', láti P dé R jẹ́ 48.82 mítà. Bó bá jẹ́ 124°59', ó jẹ́ 16.72 mítà. Méjèèjì wà lórí ìlà kan náà láti P, mítà 32 sì wà láàárín wọn, ìyẹn fẹ̀ ju ojú púlọ́ọ̀tì kan lọ. Ẹni tó bá lọ wú ilẹ̀ níbi tí kakulétọ̀ sọ nìkan lè máa wú inú ilẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹ gbọ́dọ̀ wú ibi méjèèjì, tàbí kí ẹ wá ohun kẹta nínú ìwé náà: bíárìn ìlà QR tó bá wà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sí bíárìn QP yóò fúnni ní igun Q. Bí Q bá jẹ́ nǹkan bíi 90°, R tó jìnnà ni. Bó bá jẹ́ nǹkan bíi 20°, R tó súnmọ́ P ni. Bí ìwé náà bá sọ gígùn PR dípò bíárìn, ẹ lo òfin kósáìnì fún igun R, nítorí pé kósáìnì igun tó ju 90° lọ máa ń wà lábẹ́ òdo, kò sì lè fi ara pamọ́.

Nígbà mìíràn kò tilẹ̀ ní sí ilẹ̀ kankan. Láti Q, ọ̀nà tó kúrú jù lọ dé orí ìlà tó ti P jáde jẹ́ 40 × sin 35°, ìyẹn 22.94 mítà. Bí ìwé bá sọ pé QR jẹ́ 22 mítà, kò lè kan ìlà náà rárá, kakulétọ̀ yóò sì kọ `Math ERROR` nítorí pé sáìnì tó wá ti ju 1 lọ. Kakulétọ̀ kò bàjẹ́ o. Ọ̀kan nínú ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ìwé náà ni kò tọ̀nà. PQ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi téèpù yẹ̀ wò, nítorí pé bíkìnì rẹ̀ méjèèjì ṣì wà nílẹ̀.